Bí a ṣe ń gba lọ́fínńdà sínú ìgò pẹ́ńpẹ́, tí kò fi ní dà sínú ẹrù

Ẹni tó bá ń ti Èkó lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Lọ́ńdọ̀nù kò nílò odidi ìgò lọ́fínńdà. Bí a bá tẹ orí ìgò lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mílílítà ló ń jáde. Ẹni tó ń fín in lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ yóò tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 42 láàárín ọjọ́ 14, gbogbo rẹ̀ ò sì ju mílílítà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Ìgò ìfín pẹ́ńpẹ́ tó ń gba mílílítà 5, èyí tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, ti tó.

Ó tún gbani lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ ẹrù wò. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfuurufú, ìgò tó wà nínú báàgì àfọwọ́gbé kò gbọdọ̀ ju ti mílílítà 100 lọ. Ohun tí ìgò lè gbà ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ohun tó kù nínú rẹ̀. Ìgò mílílítà 200 tó ku ìsàlẹ̀ díẹ̀ yóò wọ inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí wọn ni.

Bí a ṣe wá ń gbà á ló nílò sùúrù. Ilé iṣẹ́ ti fi páànù tẹ orí ọ̀pọ̀ ìgò lọ́fínńdà mọ́ ọn lẹ́nu, kò ṣeé yí ṣí, ẹni tó bá fi irin yọ ọ́ lè fọ́ ìgò. Orí tí à ń fi ìka tẹ̀ nìkan la máa fà yọ sókè. Ọ̀pá tín-ín-rín kan yóò kù níbẹ̀ bí ẹnu bírò. Ihò kan wà nídìí irú ìgò pẹ́ńpẹ́ tí mo ń sọ yìí. Ihò náà la máa gbé lé orí ọ̀pá yẹn, tí a ó wá máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, tí a ó sì máa jẹ́ kó padà sókè.

Afẹ́fẹ́ ló kún inú ìgò pẹ́ńpẹ́ kí lọ́fínńdà tó dé, ó sì gbọ́dọ̀ ráyè jáde. Bí a bá ń kánjú tẹ̀ ẹ́, tàbí tí ìgò bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lọ́fínńdà á máa tú sí wa lọ́wọ́. Ká gbé e dúró gangan, ká rọra tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí ìgbà 45, ká sì dúró kó tó kún dé ẹnu. Bó bá ṣì ń tú síta, a jẹ́ pé ọ̀pá àti ihò kò bára mu. Ẹ fín in sínú ife mímọ́, kí ẹ fi síríńjì fà á sínú ìgò mìíràn tí orí rẹ̀ ṣeé yí ṣí. Ẹ má ṣe é nítòsí iná gáàsì tàbí àbẹ́là, torí ọtí ló pọ̀ jù nínú lọ́fínńdà, òórùn rẹ̀ gan-an lè gbaná. Ìgò tó ti gba òmíràn rí, ọtí la fi ń ṣàn án. Bí omi bá ṣẹ́kù síbẹ̀, ó lè sọ lọ́fínńdà di funfun bí omi ògì.

Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló ń fa dídà. Ẹni tó bá ra ìpékeré wọ bàálù yóò ti rí i bí ọ̀rá rẹ̀ ṣe ń wú tí bàálù bá ga. Afẹ́fẹ́ inú bàálù ti fúyẹ́ bí ti orí òkè tó ga tó mítà 2,000 sí 2,400, nítorí náà afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú ìgò. Bí ìgò bá dúró gangan, afẹ́fẹ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀, lọ́fínńdà ló wà níbẹ̀, òun náà ni afẹ́fẹ́ á tì jáde. (Kò sí ìyàtọ̀ nínú ẹrù abẹ́ bàálù, bí afẹ́fẹ́ ṣe rí lókè ló ṣe rí níbẹ̀.) Ìdí nìyí tó fi sàn kó wà nínú báàgì àfọwọ́gbé, nínú náílọ̀n tí ẹnu rẹ̀ ń pa dé, ní ìnàró, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, kí nǹkan má baà tẹ orí rẹ̀.

Ká tó di ẹrù, ká dán an wò. Ká gbé ìgò náà sùn lórí tíṣù funfun mọ́jú. Lọ́fínńdà tó bá jò lè gbẹ tán kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n òróró rẹ̀ á fi àbààwọ́n róńdó sílẹ̀, tíṣù náà á sì máa ta sánsán. Ìgò tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yóò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lókè.

Ìgbà ìpadàbọ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ìdajì mílílítà afẹ́fẹ́ péré ló wà nínú ìgò. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, lọ́fínńdà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, afẹ́fẹ́ ti di mílílítà mẹ́rin àti ààbọ̀, yóò sì fẹ́ fẹ̀ sí i ní mílílítà kan àti ààbọ̀. Ìyókù tó wà níbẹ̀ kò tó ìyẹn. Ká fín in tán ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ń bọ̀ ló dára jù.