Tẹ́nọ̀, ẹ fi mẹ́lódì sílẹ̀ fún sopuránò

Okun o, gbogbo ilé. Ọdún 19 ni mo ti ń kọ́ kúáyà kiri agbègbè wa yìí, láti Kábbà dé Ìṣánlú, mo sì ti rí oríṣiríṣi. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kí ọkùnrin mẹ́fà lọ dúró síbi tẹ́nọ̀, kí wọ́n ṣí ìwé orin wọn sójú ibi tẹ́nọ̀, kí wọ́n wá máa kọ ohun tí sopuránò ń kọ. Tó o bá bi wọ́n, wọ́n á ní tẹ́nọ̀ làwọn ń kọ. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe tẹ́nọ̀. Mẹ́lódì ni, ẹ kàn fi ohùn ọkùnrin kọ ọ́ ni.

Mi ò ní máa ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ́ álítò àti ẹni tó ń jẹ́ béèsì, ẹni tó bá ti jókòó ní kúáyà ọ̀sẹ̀ méjì ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò kọ orin kan náà lọ́nà mẹ́rin. Sopuránò ló sábà máa ń gbé mẹ́lódì, ìyẹn ohùn tí ará ìjọ mọ̀ tí wọ́n ń kọ lọ sílé, torí ohùn tó ga jù ni etí máa ń tètè mú. Àwọn mẹ́ta yòókù ní iṣẹ́ tiwọn. Àwọn brọ́dà kan máa ń bá mi jiyàn pé tẹ́nọ̀ ni aṣíwájú. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yúróòpù, òótọ́ ni, tẹ́nọ̀ ló ń di orin mú, àní inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí "dì mú" lorúkọ yẹn ti wá. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1586, àlùfáà Jámánì kan, Lúkáàsì Osiándà, tẹ ìwé orin jáde tó gbé mẹ́lódì lọ sókè fún sopuránò kí gbogbo ìjọ lè gbọ́ ọ kí wọ́n bá kúáyà kọ ọ́. Ó ti lé ní 400 ọdún, ẹ sì wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ń jà sí i.

Ẹ jẹ́ ká wo ìparí orin, nóòtì mẹ́ta tó gbẹ̀yìn péré. Sopuránò kọ mí, ré, dó. Álítò kọ dó, ó bọ́ sí tí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó padà sí dó. Tẹ́nọ̀ kọ só, fá, mí. Béèsì kọ dó, só, dó. Ẹ wo èyí tó gbẹ̀yìn dáadáa: dó ni sopuránò wà, dó ni álítò wà, dó ni béèsì wà. Ta ló wá gbé mí lọ́wọ́? Tẹ́nọ̀ nìkan. Mí yẹn ló ń jẹ́ kí etí mọ̀ pé orin ti délé pẹ̀lú ayọ̀. Tí tẹ́nọ̀ bá ti sá lọ bá sopuránò, tóun náà kọ mí, ré, dó, gbogbo kúáyà á parí sórí dó, èèyàn 30 á máa pariwo ohùn kan ṣoṣo, orin á wá ṣófo bí àgbá tí ò sómi nínú ẹ̀. Fá àárín náà ti lọ nìyẹn, òun sì ni etí ń retí pé kó sọ̀ kalẹ̀ sórí mí.

Álítò náà máa ń jí mẹ́lódì, mi ò bò wọ́n láṣìírí. Tí álítò bá kọ ré dípò tí, ohun tó ń fa etí padà sí dó jù ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ti tẹ́nọ̀ ló burú jù torí kì í tètè hàn. Octave kan ló fi wà nísàlẹ̀ sopuránò, ó máa ń dún bíi pé ó bá a mu, ẹni tí ò mọ̀ á tiẹ̀ máa pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tún wá mú kó le sí i. Ká ní orin sọ pé "Jésù ni ogún mi," mẹ́lódì á gòkè lórí "gún." Álítò lè dúró sójú kan níbẹ̀, lẹ́nu rẹ̀ á wá dún bí "ogun mi." Kò burú, tí sopuránò bá hàn ketekete, torí òun ni ìjọ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Tí álítò bá gba máìkì mọ́ ọn lẹ́nu, a ti sọ Jésù di ogun nìyẹn.

Àwọn tó ń ba nǹkan jẹ́ fún wa ni àwọn tó kàn mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn ní tíṣà kúáyà. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ gbogbo èèyàn ní mẹ́lódì títí á fi mọ́ wọn lára, wọ́n á wá sọ fún tẹ́nọ̀ pé "ẹ wá tiyín." Ibo ló ti fẹ́ wá a? Tí ohùn ò bá wá jáde, wọ́n á ní kó jẹ orógbó, kó mu ẹyin tútù. Ọ̀nà oúnjẹ ni ẹyin ń gbà lọ, ohùn sì wà lọ́nà èémí. Bí ẹyin bá fara kan ibi tí ohùn wà, ikọ́ lo máa wú, o ò ní kọrin. Èmi, béèsì ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ́, tẹ́nọ̀ á tẹ̀ lé e, a ó kọ méjèèjì pọ̀ títí á fi dúró, kí álítò tó wọlé. Sopuránò ló ń gbẹ̀yìn.

Ìjọ kan lápá Mópà pè mí lọ́dún kan, ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti kọ àáńtẹ́mù ìkórè wọn níwájú ìjọ lẹ́ẹ̀kan, màmá àgbà kan sì bi wọ́n lẹ́yìn ìsìn pé, "Orin yín yẹn, ẹ ti parí ẹ̀ àbí ẹ ṣì ń bọ̀?" Inú bí wọn. Màmá ò mọ sóófà, àmọ́ etí rẹ̀ ń wá mí tí ò sí níbẹ̀.

Sátidé, mo ní kí gbogbo sopuránò jáde lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn mẹ́ta yòókù kọ orin náà, ẹ̀rọ fóònù mi ń gbà á sílẹ̀. Mo pe sopuránò padà, mo ní kí wọ́n gbọ́. Mẹ́lódì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bẹ́ẹ̀ ta ló yẹ kó kọ ọ́? Mo ní kí àwọn tẹ́nọ̀ máa kọ ìparí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin nínú méje ló kọ mí, ré, dó. Olórí wọn wà nínú wọn, ọdún 11 ló ti lò níbẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, "Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní nǹkan míì rí."

A lo wákàtí méjì gbáko lórí só, fá, mí, pẹ̀lú béèsì nìkan. Nígbà tí álítò àti sopuránò wá wọlé, tí wọ́n dé ìparí, ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó sábẹ́ máńgòrò dúró láàárín orin, ó yíjú sẹ́yìn wo tẹ́nọ̀.