Ìtò ìran ni, kì í ṣe "háyáráàkì"

Ẹ mọ àwòrán tí èèyàn máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan sí àárín rẹ̀, tí yóò wá máa fa ìlà jáde lára ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún sósì. Òǹkọ̀wé kan, Tony Buzan, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1974. Àwọn kan ń pè é ní "máàpù ọkàn", ó sì máa ń bí mi nínú. Bí dókítà bá gbọ́ ọkàn, èyí tó ń lù kìkì láyà ló máa rò. Igi èrò lèmi ń pè é, torí ẹ̀ka ló ń yọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìjà wà gan-an ni orúkọ ohun tí igi náà yóò dà nígbà tó bá ya bàràkàtà tí a sì fẹ́ tò ó. Ẹnìkan ní "háyáráàkì", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kàn yá lò. Ẹlòmíì ní "ètò àṣẹ", bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka kan kì í pàṣẹ fún ìkejì. "Ìpele" sàn díẹ̀, àmọ́ bí nǹkan ṣe ga tó nìkan ló ń sọ, kò sọ ẹni tó bí i. Ìtò ìran ni tèmi. Wọ́n ní ìran tún ni ohun tí à ń fojú wò. Ta ló máa gbọ́ "ìran kẹta" tí yóò ro eré orí ìtàgé?

Ẹ wo agboolé níbi tí wọ́n ti ń pín ogún. Bí ọmọ-ọmọ bá bá bàbá rẹ̀ jókòó ní ìlà àwọn ọmọ, gbogbo ilé ló máa dìde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí igi èrò àbúrò mi nìyẹn. Ó kọ "gàrí" sí àárín, ó fa ẹ̀ka 12: bíbó, ọ̀bẹ, rírin, ẹ̀rọ, fífún, àpò, jíjọ̀, ajọ̀, yíyan, agbada, igi ìdáná, owó. Gbogbo wọn jókòó pọ̀. Mo ní kí ìran kọ̀ọ̀kan dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìran kìíní: kí là ń ṣe? Bíbó, rírin, fífún, jíjọ̀, yíyan. Ìran kejì: kí la fi ń ṣe é? Ọ̀bẹ lọ sábẹ́ bíbó, agbada àti igi ìdáná sábẹ́ yíyan. A ń ka ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sókè bíi gbólóhùn: "ọ̀bẹ la fi ń bó ẹ̀gẹ́". Èyí tí kò bá ṣe é kà bẹ́ẹ̀ ti ṣìlé.

Owó kò ṣe é kà. Kò sí iṣẹ́ tí kì í náni lówó níbẹ̀, nítorí náà owó kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Iye la kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan.

Ó wá ku àpò. Mo gbé e sábẹ́ fífún, àbúrò mi ní rárá, èyí tí òun máa rọ gàrí sí fún oníbàárà lòun ní lọ́kàn. Iṣẹ́ wo wá ni yóò bí i? A wá gbogbo bébà náà, kò kọ títà síbì kankan.