Ibi tí "si tuviera" àti "compraría" ti ṣẹ̀ wá

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Sípáníìṣì, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé "si tendría dinero, compraría una casa". Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ká ní mo lówó, ǹ bá ra ilé. Tíṣà fi bírò pupa fa igi sí i, ó ní kì í sí -ría lẹ́yìn si, "si tuviera" ni, kí n lọ há a sórí, ó tán. Kò sọ ìdí ẹ̀ fún wa, ó sì dùn mí, torí ìdí wà, ó kàn ti pẹ́ gan-an ni.

Ẹ wò ó, àwa náà ń ya nǹkan yìí sọ́tọ̀. "Bí mo bá lówó, màá ra ilé", ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. "Ká ní mo lówó, ǹ bá ra ilé", ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé owó ò sí nílẹ̀. Tiwa, "bí" àti "ká ní" ló ń sọ èyí tó jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì, si kan ṣoṣo tí wọ́n jogún lọ́dọ̀ Látìn ni wọ́n ń lò fún méjèèjì, ọ̀rọ̀-ìṣe ló wá ń yí padà: "si tengo dinero, compraré una casa" fún ti àkọ́kọ́, "si tuviera dinero, compraría una casa" fún ti ìkejì.

Ẹ jẹ́ ká mú -ría yẹn. Kò sí i nínú Látìn àwọn ọ̀mọ̀wé rárá. Àwọn èèyàn lásán ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ní" ti ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́yìn, "comparare habebam", bí ìgbà téèyàn bá sọ pé mo ní láti rà á nígbà yẹn. "Habebam" wá ń sún kì títí ó fi di -ía, ó sì lẹ̀ mọ́ "comprar". Antonio de Nebrija, ọ̀mọ̀wé ará Sípéènì kan, ti rí i, ó kọ ọ́ sínú gírámà tó ṣe lọ́dún 1492 pé ọ̀rọ̀ méjì ló para pọ̀ di ọ̀kan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewì Cid ló jẹ́ kó yé mi dáadáa, ewì Sípáníìṣì àtijọ́ nípa jagunjagun kan, Rodrigo Díaz, tí wọ́n ń pè ní Cid. Ọba Alfonso lé Rodrigo Díaz kúrò nílùú, ó dé ìlú Burgos, ọba sì ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà á sílé. Àwọn ará ìlú wà lójú fèrèsé, wọ́n ń sunkún, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ:

"¡Dios, qué buen vassallo, si oviesse buen señor!"

Ọlọ́run o, ìránṣẹ́ rere mà rèé, ká ní ó ní ọ̀gá rere! Lẹ́yìn ẹ̀ gan-an ni ewì ní "conbidar le ien de grado, mas ninguno non osava", wọn ì bá fi tayọ̀tayọ̀ pè é wọlé, àmọ́ kò sẹ́ni tó láyà. Ẹ wo "conbidar le ien" yẹn dáadáa, "le" tó ń tọ́ka sí Rodrigo ṣì jókòó sáàárín, ọ̀rọ̀ méjèèjì ò tíì lẹ̀ mọ́ra! Ẹ tún wo ohun tó wà lẹ́yìn si: -sse. Ibẹ̀ ni -se tòní, bíi "si tuviese", ti wá. Àyè -ía ni ẹ̀gbẹ́ àbájáde, ohun tí èèyàn ì bá ṣe, àtìbẹ̀rẹ̀ ló sì ti wà níbẹ̀.

"Tuviera" wá ńkọ́? Ìyẹn ló rin ìrìn àjò jù. -ra yìí kò ní "ká ní" kankan nínú tẹ́lẹ̀, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí òmíì tó ṣẹlẹ̀ ló ń sọ, "fuera" kàn jẹ́ "ó ti jẹ́". Àwọn oníwèé ìròyìn Sípéènì ṣì ń kọ "el que fuera presidente", ẹni tó ti jẹ ààrẹ rí. Díẹ̀díẹ̀ ló yọ́ wọ ẹ̀gbẹ́ àbájáde, ó tún kọjá sí ẹ̀gbẹ́ si, tó fi jẹ́ pé ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, èèyàn lè sọ pé "si tuviera, diera", -ra lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn náà ni -ría gba ẹ̀gbẹ́ àbájáde padà, -ra dúró ti si, òun àti -se jọ wà níbẹ̀ títí dòní, méjèèjì ló tọ̀nà, àmọ́ -ra lẹ máa gbọ́ jù. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú -ra sí ẹ̀gbẹ́ àbájáde ṣì wà o: tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá, "si hubiera tenido dinero, habría comprado una casa" dáa, "hubiera comprado" náà dáa, kò sẹ́ni tó máa fa igi pupa sí i.

"Si tendría" tèmi yẹn nìkan ni wọn ò gbà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ onílẹ̀ kan láríwá Sípéènì ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nílé látàárọ̀ dalẹ́, lágbègbè Vizcaya, ní La Rioja, àti ní Burgos yẹn gan-an, ìlú tí wọ́n ti sunkún lójú fèrèsé pé "si oviesse".