Ọdún 18, ọdún 16 àti ìwé WAEC: ẹnu ọ̀nà wo gan-an ni òfin ọjọ́ orí wà?

Láti ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín àwọn òbí ní Nàìjíríà, pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ jókòó ṣe ìdánwò WAEC tàbí NECO. Ọ̀rọ̀ kejì tí ó jọ ọ́ ti pẹ́ nílẹ̀ ju ìyẹn lọ: pé ẹni tí ó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kò ní ohun tí yóò tún máa wá nínú JAMB mọ́. Kò sí òótọ́ nínú méjèèjì, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó ti ṣẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ibẹ̀ kò ní í lè sọ èyí tí òfin wí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ènìyàn ń wí.

Ní oṣù keje ọdún 2024, níbi ìpàdé tí JAMB máa ń bá àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ṣe lọ́dọọdún, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, kéde pé ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 18 kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn ìpàdé, ó sì gbà pé kí wọ́n ṣì máa lo ọdún 16 fún ọdún náà, kí 18 wá bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, lórí ètò tẹlifíṣọ̀n kan, ó tún fi kún un pé WAEC àti NECO pàápàá kò ní í gba ọmọ tí kò tó ọdún 18 mọ́. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro: bí ọmọ bá wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 6, tí ó lo ọdún 6 níbẹ̀, tí ó lo ọdún 3 ní girama kékeré àti ọdún 3 ní girama àgbà, yóò ti máa súnmọ́ 18 nígbà tí ó bá jáde.

Ìlànà yìí kò dé ibi tí yóò ti mú ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Ààrẹ Tinubu yọ mínísítà náà, ó sì fi Dókítà Túnjí Aláùsá rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, mínísítà tuntun sọ ọ́ ní gbangba pé ìjọba ti pa ọ̀rọ̀ ọdún 18 tì, àti pé ọdún 16 ni òté ìsàlẹ̀ fún wíwọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Èrò tèmi ni pé ìkéde àkọ́kọ́ ti dẹ́rù ba àwọn òbí débi pé ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ èkejì, ìdí sì nìyẹn tí a fi ṣì ń rí àwọn tí wọ́n ń bẹ ọ̀gá ilé-ìwé pé kí ó fa ọmọ àwọn sẹ́yìn ní kíláàsì kí WAEC má baà lé e padà.

WAEC kì í lé ọmọ padà nítorí ọjọ́ orí. Ọdún 1952 ni wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀, orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ó sì ń ṣe ìdánwò fún: Nàìjíríà, Gánà, Sàró, Gáńbíà àti Làìbéríà. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà wọ ìdánwò rẹ̀ nílẹ̀ wa. Èkíní ni ti àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ máa ń forúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní kíláàsì àṣekágbá sílẹ̀. Èkejì ni ti aládàáni, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní GCE, tí ẹni tí kò sí ní ilé-ìwé mọ́ máa ń forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún. Wọn a máa béèrè ọjọ́ ìbí nínú fọ́ọ̀mù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n lè dá ẹni náà mọ̀ ni, kì í ṣe kí wọ́n lè tì í síta. Ọmọ ọdún 15 tí ó yege ní iṣẹ́ márùn-ún, tí ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, ti ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ nìyẹn, ìwé náà kò sì ní ọjọ́ tí yóò kú.

Ẹnu ọ̀nà tí ọjọ́ orí ti ń di ìdènà wà níwájú díẹ̀, ìyẹn ibi ìgbaniwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọjọ́ pàtó ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: fún ìdánwò UTME ti ọdún 2025, JAMB ní ẹni tí yóò bá ti pé ọdún 16 ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún náà nìkan ni wọn yóò gbé yẹ̀ wò fún àyè. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ọjọ́ ìdánwò ni wọ́n wí. Ọmọ tí ó jókòó sí ìdánwò ní oṣù kẹrin ní ọdún 15, tí yóò pé 16 ní oṣù kẹjọ, kò ní ìṣòro kankan.

Ìwọ̀n yìí kò ṣe é yí mọ́ bíi ti àtijọ́. Láti ọdún 2021 ni JAMB ti sọ NIN di dandan. Kí ọmọ tó lè ra fọ́ọ̀mù, yóò kọ́kọ́ fi lẹ́tà mẹ́ta náà, NIN, àti nọ́ńbà mọ́kànlá tirẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù sí 55019, wọn yóò sì fi kóòdù kan dá a lóhùn. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tí yóò hàn lójú kọ̀ǹpútà ní ibùdó ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ èyí tí ó wá tààrà láti inú àkọsílẹ̀ NIMC, àjọ tí ń fúnni ní NIN. Òṣìṣẹ́ tí ń tẹ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ kò lè fọwọ́ kàn án. Orí ìkànnì CAPS, tí ó jẹ́ ti JAMB, ni gbogbo ìgbaniwọlé sì gbọ́dọ̀ gbà kọjá, nítorí náà ọ̀rẹ́ tí òbí ní ní fásitì kò lè gba ọmọ náà wọlé lẹ́yìn odi.

Ṣé ọmọ tí kò tó 16 kò wá gbọdọ̀ ṣe UTME rárá ni? Èyí gan-an ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì gbọ́ jù. Ní ọdún 2025, JAMB fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn pé lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Wọ́n gbà kí wọ́n forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì jókòó ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n ó di dandan kí wọ́n gba ìdá 80 nínú 100, ìyẹn 320 nínú 400 ní UTME, kí wọ́n sì gba irú ìdá bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò àṣekágbá girama àti nínú àyẹ̀wò fásitì. Àwọn tí wọ́n gba ọ̀nà yìí jẹ́ 41,027. Àwọn tí wọ́n gba 320 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 599, àyẹ̀wò mìíràn sì ṣì wà níwájú wọn. Òbí tí ó bá ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé 280 ti tó nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ fi 220 wọlé ń fi ìwọ̀n ẹni tí ó ti pé 16 wọn ẹni tí kò tíì pé e.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọmọ kan yẹ̀ wò. Ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2009 ni wọ́n bí i. Ilé-ìwé aládàáni gbà á sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kìn-ín-ní ní oṣù kẹsàn-án 2014, kí ó tó pé ọdún 5. Ó ka ìwé dé kíláàsì karùn-ún, ó sì fo kẹfà, gẹ́gẹ́ bí ó ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ (àṣà tí àwọn òbí fi ń dín owó ilé-ìwé ọdún kan kù, tí wọ́n sì ń pè ní òye ọmọ). Ó wọ girama ní 2019, ó sì parí kíláàsì àṣekágbá ní 2025. Ó ṣe WAEC ní ọdún 15, ó yege. Kò sí ẹni tí ó dá a dúró. Ó gba 265 ní UTME. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ó ku oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ méjì kí ó pé 16. Kò pé ọjọ́ orí, kò sì gba 320, nítorí náà kò sí àyè fún un ní ọdún náà.

Kí ni ó wá pàdánù? WAEC rẹ̀ kò bàjẹ́, yóò mú un dání lọ sí ọdún tí ó ń bọ̀. UTME ni kò ṣe é tọ́jú, nítorí ọdún kan péré ni èsì rẹ̀ ń lò. Yóò tún un ṣe ní 2026, yóò sì wọlé bí ọmọ ọdún 16 lásán, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń béèrè 320 lọ́wọ́ rẹ̀. Fífà á sẹ́yìn ní girama kò sàn ju èyí lọ, nítorí pé yóò kàn san owó ilé-ìwé ọdún kan sí i láti dé ibì kan náà ni.

Èyí tí ó léwu ni ti òbí tí ó lọ fi ọdún kún ọjọ́ orí ọmọ ní NIMC. Ọjọ́ ìbí tuntun náà yóò yàtọ̀ sí èyí tí ilé-ìwé ti fi ránṣẹ́ sí WAEC, yóò sì yàtọ̀ sí ìwé ìbí tí àjọ ètò ìkànìyàn fún un. Ìgbà tí fásitì bá ń yẹ ìwé wò ni àṣírí yóò tú, àtúnṣe rẹ̀ yóò sì gba owó àti àkókò ju ọdún kan tí wọ́n ń sá fún lọ.

Ní ti àgbàlagbà, kò sí òté òkè. Bàbá ẹni ọdún 50 lè ṣe WAEC aládàáni, ó sì lè ṣe UTME. Fásitì àpapọ̀ tí ń kọ́ni láti òkèèrè, NOUN, kò tilẹ̀ béèrè UTME. Ibi tí a ti ń rí òté òkè ni ilé-ẹ̀kọ́ bíi ti àwọn ọmọ-ogun ní Kàdúná, NDA, nítorí iṣẹ́ ológun ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ náà ṣe. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà ni, kì í ṣe ti JAMB.

Ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ènìyàn ń dárúkọ wá láti inú òfin àgùnbánirọ̀. Òfin NYSC ní ẹni tí ó bá ti lé ní 30 ní ọjọ́ tí ó jáde ní fásitì kò ní í sìnrú ìlú. Ìwé ìdásílẹ̀ ni wọn yóò fún un, ìwé náà sì tó láti fi wá iṣẹ́. Bí obìnrin ẹni ọdún 29 bá wọlé láti ka ìwé ọdún mẹ́rin, ìwé ìdásílẹ̀ ni yóò gbà ní ọdún 33, kò sì sí ìjìyà kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ ìjáde ni òfin ń wò. Ẹni tí ó jáde ní ọdún 28, tí ó sì fi ara pamọ́ títí ó fi lé ní 30, ṣì jẹ ìjọba ní ọdún ìsìnrúùlú rẹ̀ gbáko.