Affect àti effect: òfin tí wọ́n kọ́ wa nílé-ìwé kò tó

Ní àìpẹ́ yìí, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan gbé lẹ́tà wá fún mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó pín in fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ìròyìn ayọ̀ ló wà nínú rẹ̀: ìgbìmọ̀ ti pinnu láti san èrè ọdún náà nínú oṣù Kejìlá. Ohun tó kọ sílẹ̀ nìyí:

"The committee will affect payment of dividends in December."

Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tó sì ń retí owó, àyà rẹ̀ á já tó bá ka gbólóhùn yìí. Ohun tó ń sọ ni pé ìgbìmọ̀ máa ṣe nǹkan kan tó máa kó bá owó náà. Bóyá ó máa pẹ́, bóyá ó máa dín kù. Ohun tí akọ̀wé fẹ́ sọ ni "effect payment", ìyẹn ni pé wọ́n á san owó náà, á jáde, á dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. "A" àti "e" nìkan ló yàtọ̀, ó sì ti sọ ìlérí di ìdẹ́rùbà. Kọ̀ǹpútà kò sì fa ìlà pupa sí i nídìí, nítorí ojúlówó ọ̀rọ̀ ni méjèèjì.

Nígbà tí mo tún un ṣe, kò gbà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí ọ̀rọ̀-ìṣe la nílò níbẹ̀ yẹn? Ṣebí affect ni ọ̀rọ̀-ìṣe, effect ni ọ̀rọ̀-orúkọ?"

Mi ò lè dá a lẹ́bi. Òfin tí wọ́n kọ́ ọ ló tẹ̀ lé, òfin yẹn ló sì ṣì í lọ́nà. Púpọ̀ nínú wa ló gbà pé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyẹn, kò kù síbì kan. Lóòótọ́, ó máa ń bọ́ sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n effect máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nígbà mìíràn, tó bá túmọ̀ sí pé kí a mú nǹkan ṣẹ, kí a mú un jáde. Inú lẹ́tà iṣẹ́ àti lẹ́tà ìjọba ló sì wọ́pọ̀ sí jù, níbi tí owó àti àṣẹ wà, tí àṣìṣe kò dára.

Etí kò lè gbà wá níbí. Nínú Yorùbá, bí a bá pe ọ̀rọ̀ kan ní òun nìkan, a kì í gbé fáwẹ́lì rẹ̀ mì. Bí a bá pe "adé", gbogbo ènìyàn ló gbọ́ "a" ibẹ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Sílébù kejì ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú affect àti effect, fáwẹ́lì àkọ́kọ́ á wá rọ̀ débi pé èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ èwo ni èwo. Ẹni tó bá ń kọ ohun tó gbọ́, ńṣe ló kàn ń méfò.

Ohun mìíràn tún wà tó ń dà á rú fún àwa Yorùbá gan-an, n kì í sì í rí ẹni tó ń sọ ọ́. A máa ń sọ pé, "Ọ̀wọ́n epo ní ipa lórí wa." Ipa yẹn, ọ̀rọ̀-orúkọ ni, effect ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo tó kó "ní ipa lórí" pọ̀, affect nìyẹn. Ẹni tó bá ń ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, "ipa" ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Á kọ effect, á sì gbàgbé "ní" tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ "it effected us" nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé "ó kàn wá" ni wọ́n fẹ́ sọ.

Nítorí náà, mo ní kí akọ̀wé fi "ipa" sílẹ̀, kó mú ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì mìíràn dání: kàn àti èsì. "A" ló wà nínú kàn, "a" ló bẹ̀rẹ̀ affect. "E" ló bẹ̀rẹ̀ èsì, òun náà ló bẹ̀rẹ̀ effect. Ọ̀wọ́n epo kàn oníkẹ̀kẹ́, ó kàn ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́: affect. Èsì rẹ̀ ni pé owó ọkọ̀ lé: effect. Ẹ má fi "àbájáde" rọ́pò èsì o, nítorí "à" tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa tì yín sí ọ̀nà tí kì í ṣe ti yín.

Ìtumọ̀ gidi ni ọgbọ́n yìí fara tì. Látìnì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ kan náà tó túmọ̀ sí "ṣe". Ohun tó wà níwájú affect ni ad, tó jẹ́ "sí": nǹkan tí wọ́n ṣe sí ọ, ó kàn ọ́. Ti effect ni ex, tó jẹ́ "jáde": nǹkan tí wọ́n ṣe tó fi jáde. Ìdí nìyí tí èsì fi bá effect lọ, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. "Effect payment" ni pé kí èsì jáde, kí owó bọ́ síta. Kò sí ẹni tó ń wá bí nǹkan á ṣe kan owó níbẹ̀.

Ad àti ex yìí náà ló ya accept àti except sọ́tọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni pé kí a mú nǹkan sọ́dọ̀, ìyẹn gbà, "a" ibẹ̀ sì wà nínú gbà. Èkejì ni pé kí a mú nǹkan kúrò láàárín àwọn yòókù.

Ó ní ibi tí ọgbọ́n kàn àti èsì mọ. Affect tún lè túmọ̀ sí pé kí ènìyàn máa díbọ́n, bíi ẹni tó ń fi ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Kàn kò ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé a mọ̀ ọ́n. Àwọn dókítà ọpọlọ náà ní affect tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, sílébù àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí ìmọ̀lára ènìyàn lójú rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá rí "flat affect" nínú ìwé aláìsàn, ohun tó ń sọ ni pé ojú onítọ̀hún kò fi ayọ̀ hàn, kò sì fi ìbànújẹ́ hàn.

A padà sí lẹ́tà náà. Ìpínrọ̀ kejì rẹ̀ dá lórí èlé tuntun tí wọ́n fi sórí ẹ̀yáwó, akọ̀wé sì ti kọ ọ́ pé "The new rate takes affect in January and will effect all guarantors." Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó fi gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó ní, "Ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ nìyí, ìgbà tí èsì rẹ̀ máa jáde," ó pa "a" ibẹ̀ rẹ́, ó fi "e" sí i. Ó bọ́ sórí èkejì: "Àwọn onídùúró, ó máa kàn wọ́n." Ó sọ "e" di "a", ó sì tẹ lẹ́tà náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.