Nígbà tí ọlọ́dẹ nẹ́tíwọ̀kì bá mú aláìṣẹ̀

Oríṣi ọlọ́dẹ méjì ni nẹ́tíwọ̀kì ní. Ọ̀kan ń ṣọ́ ẹ̀dà ohun tó ń kọjá, bó bá rí olè, á pariwo. Èkejì dúró lójú ọ̀nà gan-an, kò sì sí ohun tó lè wọlé bí kò bá jẹ́ kó kọjá. Snort, ètò kọ̀ǹpútà tí Martin Roesch gbé jáde lọ́dún 1998, lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Òfin kan rèé fún un, pé kó kìlọ̀ bí ọ̀rọ̀ `/etc/passwd` bá wà nínú ohun tó ń lọ sí sáfà 192.168.1.10:

```
alert tcp any any -> 192.168.1.10 80 (msg:"passwd"; content:"/etc/passwd"; sid:1000001;)
```

Inú fáìlì `/etc/passwd` ni Linux ń kọ orúkọ àwọn tó ń lò ó sí, àwọn olè sì máa ń wá a. Ṣùgbọ́n ká ní olùkọ́ kan fẹ́ fi ẹ̀kọ́ nípa Linux, fáìlì `.txt` lásán, sórí sáfà yìí, tí ọ̀rọ̀ `/etc/passwd` sì wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ `alert` ló wà níbẹ̀rẹ̀ òfin, ẹ̀kọ́ á wọlé, ìkìlọ̀ kan á sì wọ àkọsílẹ̀. Bó bá jẹ́ `drop`, ẹ̀rọ á da ìdì dátà yẹn nù, ìkìlọ̀ á wọ àkọsílẹ̀, àmọ́ kò ní sọ fún olùkọ́. Kọ̀ǹpútà olùkọ́ á rò pé ó sọnù lọ́nà, á tún un fi ránṣẹ́, wọ́n á tún dà á nù. Olùkọ́ á máa bú nẹ́tíwọ̀kì. Ohun tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni pé àwọn fáìlì yòókù ń lọ, ẹyọ kan yìí ni kò lọ.

Ohun tí wọ́n bá kọ fún òfin báyìí nìkan ló mọ̀; ìkọlù tuntun á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ̀rọ kọ́ bí ọjọ́ lásán ṣe ń rí, kó máa kígbe bí nǹkan bá yàtọ̀. Ìyẹn lè rí olè tuntun, àmọ́ ọjọ́ tí èsì ìdánwò jáde, tí èrò ya lu sáfà, á jọ ogun lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú ìbẹ̀wò 1,000,000 lóòjọ́, ká ní 20 jẹ́ ti olè, ẹ̀rọ sì mú gbogbo wọn. Bó bá ń ṣi aláìṣẹ̀ kan mú nínú 1,000, àṣìmú á tó 1,000. Ìkìlọ̀ 1,020 nìyẹn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 5, wákàtí 85 ni iṣẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn òṣìṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á tì láìwò ó, 20 yẹn á sì bá a lọ. Lábẹ́ `drop`, aláìṣẹ̀ 1,000 ni ilẹ̀kùn tì mọ́ lójoojúmọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí òfin wà ní `alert` fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ná, kí wọ́n máa wo ẹni tó ń mú. Fún ti olùkọ́ wa, bí wọ́n bá fi `http_uri;` ṣáájú `content`, àdírẹ́sì tí wọ́n béèrè fún nìkan ni Snort á máa yẹ̀ wò, ẹ̀kọ́ á sì kọjá. Olè tó bá fi ọ̀rọ̀ kan náà pamọ́ sínú fáìlì á kọjá pẹ̀lú rẹ̀.