Ta ló ni ọjọ́ tí wọ́n ń gba owó lé lórí? Ìbéèrè lórí sítóréèjì àti dẹ́múréèjì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kọ̀nténà táìsì mi kan gúnlẹ̀ sí èbúté Tíńkáàn l'Ékòó lóṣù tó kọjá. Ejẹ́ǹtì tó ń bá mi gba ẹrù jáde ní èbúté gbé bílì wá, ó kọ "sítóréèjì àti dẹ́múréèjì" sórí ìlà kan ṣoṣo, owó ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó kọ́sítọ̀ọ̀mù. Mo fi owó ránṣẹ́ lásìkò o. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá owó náà tọ́, kí ni kí n sì kọ sí i? Oníṣòwò, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìlà kan ṣoṣo yẹn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ fu yín lára, àǹtí. Owó méjì ni wọ́n, ẹni méjì ló sì ń gbà wọ́n. Sítóréèjì jẹ́ ti tẹ́mínà, torí pé orí ilẹ̀ wọn ni ẹrù yín jókòó sí. Dẹ́múréèjì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ojú omi, torí pé àpótí irin wọn ni ẹrù yín wà nínú rẹ̀. Kálukú wọn ló ní iye ọjọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ àti iye owó tirẹ̀, kálukú wọn ló sì máa ń kọ ìnfọ́ìsì tirẹ̀. Nítorí náà kò sí bí ìwé méjèèjì ṣe lè di ìlà kan, àfi tí ejẹ́ǹtì bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa wọ́n pọ̀. Ẹ ní kó fún yín ní ìnfọ́ìsì àti rìsíìtì tí tẹ́mínà kọ, àti ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Bílì tí ejẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ tẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má tíì bá a jà lórí iye owó. Ọjọ́ ni kí ẹ kà. Gbogbo iṣẹ́ yìí kò ju ká mọ ọjọ́ tí ẹrù bọ́ sílẹ̀, ọjọ́ tó jáde, àti ẹni tó jẹ́ kó pẹ́ láàárín méjèèjì.

Oníbàárà kan tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Ládípọ̀ gbé irú bílì báyìí wá bá mi nígbà kan. Ejẹ́ǹtì rẹ̀ ka ọjọ́ 24, ó sọ ọ́ di ₦35,000 lóòjọ́, ó gba ₦840,000 fún dẹ́múréèjì nìkan. A wá ìnfọ́ìsì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ rí. Lóòótọ́, ọkọ̀ já kọ̀nténà sílẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, ó sì jáde ní ọjọ́ 27, ọjọ́ 24 náà sì pé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 7 àkọ́kọ́ ọ̀fẹ́ ni lórí ìwé tirẹ̀. Ọjọ́ 17 ló kù. Bẹ́ẹ̀ ni owó náà kì í bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ńṣe ló máa ń gun àkàsọ̀: ₦20,000 lóòjọ́ fún ọjọ́ 10 tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó di ₦35,000. Ẹ bá mi ṣe é: ₦200,000 àti ₦245,000, ó jẹ́ ₦445,000, kí wọ́n tó fi owó orí ọjà kún un. Nǹkan bí ₦395,000 ni ejẹ́ǹtì fi lé e. (Iye ọjọ́ ọ̀fẹ́ àti owó tiyín lè yàtọ̀ sí èyí, ojú ìnfọ́ìsì ni ẹ ó ti rí i.)

Bí a bá dúró síbẹ̀, a ò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́. Ọjọ́ 17 yẹn ńkọ́, ti ta ni? Ọkùnrin náà fi owó kọ́sítọ̀ọ̀mù ránṣẹ́ sí ejẹ́ǹtì ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, ó ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Ìwé báǹkì tí wọ́n fi san án fún ìjọba ní ọjọ́ 19 lára. Owó náà sùn sọ́wọ́ ejẹ́ǹtì! Ká ní ó san án ní ọjọ́ 9, tí ìyókù iṣẹ́ sì gba ọjọ́ kan náà tó gbà, ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ni ẹrù ì bá jáde. Ọjọ́ 7 péré ni wọn ì bá gba owó lé lórí, ìyẹn ₦140,000. ₦305,000 tó kù, ìdádúró ejẹ́ǹtì ló bí i.

Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló jẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ 20 ló béèrè pé kí tẹ́mínà gbé kọ̀nténà wálẹ̀ kí kọ́sítọ̀ọ̀mù lè yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ 24 ni wọ́n tó gbé e. Tẹ́mínà ló ni ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ìwé tó fi béèrè sì lè jẹ́ ká bẹ tẹ́mínà pé kó yọ owó sítóréèjì ibẹ̀ kúrò. Mo sọ èyí nítorí pé àwa oníṣòwò náà máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru ejẹ́ǹtì. Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ọjọ́ yẹn.

Ẹ lè wo ọjọ́ méjèèjì fúnra yín láìbẹ ẹnikẹ́ni. Lórí ojúlé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ nọ́ńbà kọ̀nténà yín, lẹ́tà mẹ́rin pẹ̀lú nọ́ńbà méje. Ibi tí ẹ bá ti rí `Discharged` ni ọjọ́ tó bọ́ sílẹ̀, `Gate out` ni ọjọ́ tó jáde.

Ìbéèrè: Ẹrù ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀. Ṣé kí n má sanwó títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí ẹ ṣe ń jà, ọjọ́ ń lọ, àkàsọ̀ náà sì ń ga. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò mọ ejẹ́ǹtì yín rí. Orúkọ tó wà lórí bílì ọkọ̀, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi gba ẹrù sínú ọkọ̀, ni wọ́n mọ̀, tiyín sì ni. Ẹ san án kí ẹrù jáde, ṣùgbọ́n ẹ san án tààrà sí àkáǹtì tẹ́mínà àti ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀, kó má gba ọwọ́ ejẹ́ǹtì kọjá. Kí ẹ tó san án, ẹ kọ̀wé sí ejẹ́ǹtì, kí ọjọ́ wà lára rẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

*"Mo ń san owó yìí kí ẹrù mi lè jáde, kò túmọ̀ sí pé mo gbà pé èmi ni mo jẹ ẹ́. Owó kọ́sítọ̀ọ̀mù dé ọwọ́ yín ní ọjọ́ báyìí, ọjọ́ báyìí ni ẹ san án. Ẹ jọ̀ọ́, láàárín ọjọ́ méje, ẹ fún mi ní ìnfọ́ìsì àti rìsíìtì méjèèjì, kí ẹ sì kọ ìdí tí owó náà fi pẹ́ lọ́wọ́ yín. Owó tó bá kọjá ti ìnfọ́ìsì, àti ti ọjọ́ tí ìdádúró yín fà, mo fẹ́ kí ẹ dá a padà."*

Ẹ fi ìwé báǹkì méjèèjì tì í, èyí tí ẹ fi fowó ránṣẹ́ sí ejẹ́ǹtì àti èyí tí wọ́n fi san án fún ìjọba. Ẹ má kọ "olè" tàbí "gbájúẹ̀" síbẹ̀. Ọjọ́ méjì tí kò bára mu ń sọ̀rọ̀ ju èébú lọ.

Ìbéèrè: Tó bá dákẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ gbé ẹ̀dà ìwé yẹn lọ sọ́dọ̀ Ṣípáàsì Káńsùlù, ní Àpápá. Láti ọdún 2014 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi wọ́n ṣe alábòójútó ètò owó ní èbúté, wọ́n sì máa ń pe oníṣòwò àti ẹni tó ń bá a jà jókòó. Wọ́n wúlò gan-an fún ọ̀rọ̀ tẹ́mínà àti ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Fún ejẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, ìgbìmọ̀ kan wà tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀ láti máa darí iṣẹ́ wọn. CRFFN ni ẹ óò tẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti rí wọn. Ẹ wò ó bóyá orúkọ ejẹ́ǹtì yín wà lọ́dọ̀ wọn. Bí kò bá sí, kóòtù ló kù.

Onípáàtì Ládípọ̀ kò dé ìkankan nínú wọn. Nígbà tí ejẹ́ǹtì rí ìwé báǹkì méjèèjì lórí tábìlì, ó dá ₦395,000 padà lọ́sẹ̀ yẹn. ₦305,000 yòókù, ó ní òun á yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́ tó ń bọ̀. Ọkùnrin náà ní kò sí iṣẹ́ kankan tó ń bọ̀. Wọ́n wá fẹnu kò sí ₦200,000.